Fóònù tuntun Mọ̀mí kọ̀, kò wọ Wáífáì ilé: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ní Àkúrẹ́

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá díẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ra fóònù fún Mọ̀mí ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba. Áńdíróìdì ni, kì í ṣe olówó gọbọi, ṣùgbọ́n ó sàn ju àtijọ́ tí ojú ẹ̀ ti là yẹ́bẹyẹ̀bẹ. A tú u nínú páálí, a ki síìmù bọ̀ ọ́, gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tó kan Wáífáì. Mo tẹ orúkọ nẹ́tíwọọ̀kì ilé wa, mo tẹ páswọ́ọ̀dù, ó kọ `Connecting...`, ó ń yí, ó ń yí, lẹ́yìn náà ó kọ `Saved`, ó wá dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bi ní ìbéèrè tí ò fẹ́ dáhùn. Mo tún un tẹ̀, `Saved` náà ni. Lẹ́ẹ̀kẹta ó yí i padà, ó ní `Couldn't connect to network`.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé fóònù tèmi wà lórí Wáífáì yẹn lásìkò yẹn gan-an, ti àbúrò mi wà níbẹ̀, tẹlifísàn ń wo bọ́ọ̀lù láti orí ẹ̀, láptọ́ọ̀pù mi náà ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ jẹ́jẹ́. Tuntun yìí nìkan ló kù síta. Mọ̀mí wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti ta ayédèrú fún ẹ̀gbọ́n ẹ báyìí?" Mo ní ẹ jẹ́ ká wò ó ná, Mọ̀mí, ẹ má tíì dá wọn lẹ́bi.

Páswọ́ọ̀dù ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí pé fóònù kì í sòótọ́ nípa ẹ̀ nígbà míì. Mo tẹ àmì ojú yẹn kí n lè máa rí ohun tí mo ń tẹ̀, mo wo lẹ́tà ńlá àti kékeré, mo wò ó bóyá àlàfo kankan há sí ìparí ẹ̀, kò sí. Mo wá tan họ́tsípọ́ọ̀tì fóònù tèmi, mo ní kí tuntun wọ ibẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún tó fi wọlé, Mọ̀mí tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò ìyàwó kan tí wọ́n ń sìn. Ó dáa, Wáífáì inú fóònù ò bà jẹ́. Ọ̀rọ̀ wà láàárín òun àti ráútà.

Ráútà wa, èyí tó ń jẹ síìmù 4G ni, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọọ̀kì ti ń dúró dáadáa lápá ibi tí a wà ní Òkè-Àró yìí. Èrò mi kejì ni pé ó ti kún. Ráútà kọ̀ọ̀kan ní iye nǹkan tó máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá ti pé, ó máa kọ ẹni tó bá tún wá, bí takisí tó ti kó èrò ẹ̀ pé, kódà tó o bá ń juwọ́ sí i kò ní dúró. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti dán ìyẹn wò kò nílò pé kéèyàn wọ inú sẹ́tíńsì kankan: ẹ pa ráútà, kí gbogbo ará ilé pa Wáífáì wọn, kí ẹ yọ tẹlifísàn náà lára iná, kí ẹ wá tan ráútà padà kí tuntun nìkan ṣoṣo gbìyànjú láti wọlé kí ẹnikẹ́ni tó wọlé. Tó bá wọlé, iye ló ń bá a jà. Tí ilé bá ṣófo tó ṣì kọ̀, ẹ má dá iye lẹ́bi.

Mo ṣe é. Àbúrò mi kùn, torí mo já bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lójú. Ilé ṣófo, fóònù Mọ̀mí nìkan ló wà níbẹ̀, `Saved`. Bí mo ṣe ń ronú èyí tó kàn ni iná lọ, mo lọ sùn.

Sátidé, àárọ̀

Mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà pẹ̀lú wáyà, mo ṣí bráúsà, mo tẹ `192.168.8.1` síbi tí a máa ń tẹ àdírẹ́ẹ̀sì sí, mo wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lo wáyà fún irú iṣẹ́ yìí tí ẹ bá ní i, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Tí ti yín kò bá jẹ́ nọ́ńbà yẹn, ẹ yí ráútà padà kẹ́ ẹ wo ìdí ẹ̀, wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ `192.168.0.1` tàbí `192.168.1.1`.

Mo ń yẹ ojú ewé kan dé èkejì wò títí mo fi dé ibi tí wọ́n kọ `WLAN MAC Filter` sí, ìgbà yẹn ni mo gbá orí ara mi. Ó wà lórí `Allow`.

Èmi ni mo ṣe é. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, dátà tí a ń rà tó máa ń lo oṣù kan bẹ̀rẹ̀ sí í tán láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, a wá rí i pé ọmọ kan nínú ilé wa ti fún àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ní flátì òkè ní páswọ́ọ̀dù, wọ́n sì ń wo fíìmù níbẹ̀ bí ẹni tó ń mumi. Dípò kí n pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù, tó máa túmọ̀ sí pé kí n tẹ̀ ẹ́ sínú gbogbo nǹkan tó wà nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tan fílítà yìí. Mo sì gbàgbé ẹ̀ pátápátá, torí kò sẹ́ni tó ra fóònù tuntun láti ìgbà yẹn.

Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Gbogbo ohun tó bá ń lo Wáífáì ló ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan tó ń jẹ́ MAC, àmì méjìlá ni, a máa ń kọ ọ́ ní méjìméjì, òǹkà 0 sí 9 àti lẹ́tà A sí F ló máa ń wà nínú ẹ̀. Kí ráútà tó gba ẹnikẹ́ni wọlé, nọ́ńbà yẹn ló máa kọ́kọ́ rí. Tí fílítà bá wà lórí `Deny`, àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ni yóò lé, yóò gba gbogbo ẹni yòókù. Tó bá wà lórí `Allow`, òdì-kejì ni, àwọn tó wà nínú ìwé nìkan ló máa wọlé, ẹni tó kù, bó tiẹ̀ mọ páswọ́ọ̀dù bí ẹní mọ orúkọ bàbá ẹ̀, ẹnu ọ̀nà ló máa dúró sí. Fóònù kì í sì sábà sọ fún yín pé wọ́n lé òun ni, ó kàn máa ń kọ `Saved`, òmíràn tiẹ̀ máa ń parọ́ pé páswọ́ọ̀dù ni kò bá a mu.

Mo ti rí ọ̀tá, inú mi dùn. Mo gba fóònù Mọ̀mí, mo lọ sí `Settings`, `About phone`, mo rí MAC ẹ̀ níbẹ̀, mo dà á kọ sórí bébà. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ráútà, àyè ò sí, ìlà mẹ́wàá péré ni ráútà wa fún èèyàn nínú ìwé yẹn, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì ti kún. Mo wò wọ́n wò wọ́n, mi ò mọ ta ni ta ni, nọ́ńbà lásán ni gbogbo wọn. Mo wá ṣí ojú ewé àwọn tó wà lórí Wáífáì lọ́wọ́lọ́wọ́, mo fi wọ́n wéra, mo fàlà sí ìdí àwọn tí mo mọ̀. Ẹyọ mẹ́ta ni mi ò mọ ẹni tó ni wọ́n. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ fóònù àbúrò mi tó jábọ́ sínú báfù lọ́dún tó kọjá, àwọn méjì yòókù, Ọlọ́run ló mọ̀. Mo pa ọ̀kan rẹ́, mo fi ti Mọ̀mí rọ́pò ẹ̀, mo tẹ `Apply`. Wáífáì já fún bí ìlàjì ìṣẹ́jú, ó padà wá.

Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ gbìyànjú ẹ̀ báyìí."

`Saved`.

Mo rò pé mo ṣì tẹ̀ ni, mo ka nọ́ńbà yẹn fún àbúrò mi lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, òun ń wo ojú láptọ́ọ̀pù, ó péye. Mo tún ráútà tàn, kò wọlé. Mo ní kí fóònù gbàgbé nẹ́tíwọọ̀kì náà, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò wọlé. Ìgbà yẹn ni Mọ̀mí ti wọ bàtà, wọ́n ní àwọn ń gbé e padà lọ síbi tí wọ́n ti rà á, tèmi ti pọ̀ jù. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ọmọkùnrin tó ta á gbà á pẹ̀lú sùúrù, ó ní, "Mà, ẹ jókòó ná, brọ́dá ẹ jẹ́ kí n wò ó." Ó tẹ Wáífáì ṣọ́ọ̀bù wọn sí i, ó wọlé kíá bí ilé ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mọ̀mí wò mí. Mi ò rí nǹkan sọ. Ọmọ yẹn kàn ní kí n lọ wo ráútà ilé dáadáa, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti ti nǹkan kan níbẹ̀, mo ní mo ti rí i, mo ti ṣí i fún un, ó ní, "Ó dá yín lójú?" Ìbéèrè yẹn ló ń dún létí mi títí a fi délé.

Sátidé, ọ̀sán

Ó dá mi lójú pé mo ti tẹ nọ́ńbà tó wà nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé nọ́ńbà tó wà nínú fóònù ni fóònù ń fi han ráútà?

Mo sọ fílítà di `Disable` fún ìṣẹ́jú díẹ̀, mo ní kí Mọ̀mí tún gbìyànjú. Ó wọlé. Mo sáré ṣí ojú ewé àwọn tó wà lórí Wáífáì, mo wá fóònù tuntun níbẹ̀, mo gbé bébà tí mo kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. (Mo ti yí àwọn nọ́ńbà yìí padà, ẹ má wá fi wá mi kiri.)

```
About phone:   00:00:5E:00:53:1F
lójú ráútà:    9A:41:D7:0C:5B:E2
```

Méjèèjì ò jọra rárá. Fóònù kan ṣoṣo, orúkọ méjì. Èyí tí mo kọ sínú ìwé `Allow` jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ilé iṣẹ́ tó ti wá, èyí tó sì ń gbé wá sí ẹnu ọ̀nà wa jẹ́ orúkọ tuntun tó fún ara ẹ̀. Ráútà wo ìwé, kò rí 9A níbẹ̀, ó tì í síta. Ráútà ò ṣe nǹkan kan tó burú, èmi ni mo kọ orúkọ ẹlòmíì sílẹ̀ fún un.

Ìdí tí fóònù fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò ṣòro. Nọ́ńbà MAC gidi kì í yí padà, torí náà ṣọ́ọ̀bù ńlá tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó bá ń tẹ́tí sí Wáífáì lè mọ̀ pé fóònù yìí náà ló kọjá níbí láàárọ̀, òun ló tún kọjá lálẹ́, òun ló wá ní Sátidé tó kọjá. Kí wọ́n má baà máa tẹ̀ lé èèyàn bẹ́ẹ̀, Áńdíróìdì láti ẹ̀yà 10, tó jáde ní 2019, máa ń dá MAC àtọwọ́dá sílẹ̀ fún nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ọ̀kan, áyífóònù náà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ láti iOS 14 ní 2020. Fóònù Mọ̀mí àtijọ́ kò mọ̀ nípa nǹkan bẹ́ẹ̀, Áńdíróìdì 8 ló wà lórí ẹ̀, orúkọ kan náà ló ń jẹ́ níbi gbogbo, ìdí nìyẹn tí kò fi yọ wá lẹ́nu rí.

Ẹ ó ní, fóònù tèmi àti ti àbúrò mi ńkọ́, ṣebí àwọn náà kì í ṣe ti àtijọ́? Ohun tí èmi náà bi ara mi nìyẹn, mo wá rántí. Nígbà tí mo tan fílítà lọ́dún yẹn, gbogbo wọn ti wà lórí Wáífáì, n kò tẹ nọ́ńbà kankan, mo kàn ń yàn wọ́n láti inú àwọn tó ti wọlé, ráútà fúnra ẹ̀ ló kọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ tí ráútà mọ̀ wọ́n sí ló wà nínú ìwé. Ti Mọ̀mí nìkan ni mo lọ gbà lẹ́nu fóònù.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi mọ MAC àtọwọ́dá lójú lásán. Ẹ wo àmì kejì láti apá òsì. Tó bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, àtọwọ́dá ni. Ti lójú ráútà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9A, A ni ìkejì ẹ̀, ó ti sọ ara ẹ̀. Ti inú `About phone` bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00, ojúlówó nìyẹn. Tí mo bá mọ èyí láàárọ̀ ni, mi ò ní wọ bàtà lọ ọjà.

Ọ̀nà méjì ló wà láti tún un ṣe. O lè kọ èyí tí ráútà rí sínú ìwé, kó parí, torí pé MAC àtọwọ́dá yìí kì í yí padà lójoojúmọ́ lórí ọ̀pọ̀ Áńdíróìdì, ó máa ń dúró ti orúkọ nẹ́tíwọọ̀kì náà. Ṣùgbọ́n tó o bá yí orúkọ Wáífáì padà, tàbí tí wọ́n bá pa gbogbo nǹkan inú fóònù rẹ́, ó máa di ẹlòmíì, a ó tún padà sí ẹsẹ̀ kìíní. Èkejì ni kí a sọ fún fóònù pé kó jẹ́ orúkọ gidi ẹ̀ nínú ilé wa nìkan. Èyí ni mo yàn fún Mọ̀mí: mo tẹ nẹ́tíwọọ̀kì ilé mọ́lẹ̀, mo tẹ àmì jíà ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mo wọ `Privacy`, mo yàn `Use device MAC`, lórí fóònù míì ẹ lè rí i gẹ́gẹ́ bí `MAC address type` àti `Phone MAC`. Ó jẹ́ ti nẹ́tíwọọ̀kì kan ṣoṣo yẹn, ní báńkì tàbí níbi àpèjẹ yóò ṣì máa fi ara pamọ́ bó ṣe ń ṣe. Mo dá fílítà padà sí `Allow`, fóònù wọlé, Mọ̀mí bọ́ bàtà.

Àti pé, ìdí tí mo fi ní ẹ lo wáyà: tó o bá tan `Allow` láti orí Wáífáì tí nọ́ńbà tìẹ alára ò sì sí nínú ìwé, bó o ṣe tẹ `Apply` báyìí ni wàá di ará ìta. Wáyà kì í sábà bọ́ sábẹ́ fílítà Wáífáì. Láìsí wáyà, bọ́tìnnì ìtúnbẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ráútà ló kù, tí o máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ìyẹn sì máa gbé orúkọ, páswọ́ọ̀dù àti gbogbo ohun tí o ti tò lọ.

Sátidé, alẹ́

Mo rò pé ó tán. Mọ̀mí pè mí láti yàrá, ó tún kọ̀. Mo dé ibẹ̀, mo rí i pé orúkọ tí wọ́n tẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo tún ṣe. Ráútà wa ń gbé orúkọ méjì síta, ọ̀kan lórí 2.4 GHz, èkejì lórí 5 GHz tí `_5G` wà nídìí ẹ̀, Mọ̀mí sì rí èyí tí àmì ẹ̀ kún jù, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nẹ́tíwọọ̀kì méjì, orúkọ àtọwọ́dá méjì. Ní `_5G` fóònù ti tún sọ ara ẹ̀ ní orúkọ ẹ̀kẹta, torí àyípadà tí mo ṣe kò kan ibẹ̀. Mo wọ jíà tibẹ̀, mo yàn `Use device MAC` níbẹ̀ náà, ó wọlé. Tí ẹ bá rí fóònù tó ń wọ ọ̀kan tí kì í wọ èkejì láti inú ráútà kan náà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò tí fílítà bá wà nílé, àwọn ráútà kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìwé ti 2.4 yàtọ̀ sí ìwé ti 5.

Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá jẹun, ó fẹ́ lo Wáífáì. Mi ò lágbára àtikọ orúkọ kankan mọ́, mo sọ fílítà di `Disable`, mo ní, "Àǹtí, ẹ wọlé, kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́." Ó ní, "Kò wọlé o." Mo gba fóònù ẹ̀. `Saved`.

Ó ku díẹ̀ kí n ju ráútà síta. Ṣùgbọ́n nǹkan kan yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àbúrò mi gbé fóònù ẹ̀ jáde lọ ra bọ́ọ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà, kò tó ìṣẹ́jú díẹ̀ tí fóònù Àǹtí fúnra ẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Àbúrò mi dé pẹ̀lú bọ́ọ̀lì, tiẹ̀ wá ń kọ `Saved`. Ẹnì kan wọlé, ẹnì kan bọ́ síta. Fílítà kì í ṣe báyẹn, ẹni tí fílítà bá kọ̀, àárọ̀ ọ̀sán alẹ́ ló máa kọ̀ ọ́, bí ilé kún bí ilé ṣófo. Èyí tó ń yí ọwọ́ padà báyìí, iye ni. Ojú fóònù ò sọ ìyàtọ̀ kankan, ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ fún méjèèjì, ìgbà àti iye ènìyàn tó wà nílé ló sọ ọ́.

Mo wọ ráútà, mo rí `Max clients`, 8 ló wà níbẹ̀. Lọ́dún tí mo ń bá àwọn ará òkè jà yẹn náà ni mo dín in kù, inú ń bí mi púpọ̀ nígbà yẹn. Mo kà wọ́n: fóònù àti láptọ́ọ̀pù tèmi, fóònù àti láptọ́ọ̀pù àbúrò mi tó ń fi ṣe iṣẹ́ FUTA, tẹlifísàn, kámẹ́rà tó wà lókè géètì, fóònù tuntun Mọ̀mí. Méje. Ta ni ìkẹjọ? Fóònù Mọ̀mí àtijọ́! Ó wà lórí tábìlì yàrá wọn, wọ́n ṣì ń fi í dá aago ìdájí, kò ní síìmù nínú, ṣùgbọ́n Wáífáì ẹ̀ wà ní títàn, ó jókòó síbẹ̀ bí àgbà tó ń gba àga lóde láìjẹun. Mo pa Wáífáì ẹ̀, àwọn méjèèjì wọlé pọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn tí ẹ bá ń ka iye. Ohun tí ẹ kì í fọwọ́ kàn ló ń jẹ àyè jù, kámẹ́rà, tẹlifísàn, fóònù inú àpótí. Tí ẹ bá sì fẹ́ dán an wò, ẹ pa Wáífáì nǹkan náà fúnra ẹ̀, torí èyí tí wọ́n bá kàn gbé jáde nílé lójijì kì í sọ pé ó dìgbà, ráútà lè di àyè ẹ̀ mú fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó gbà pé ó ti lọ.

Ìdènà kan tún wà tó jọ èyí, tí mo yẹ̀ wò kí n lè yọ ọ́ kúrò: tí fóònù bá dúró gan-an sí `Obtaining IP address`, a jẹ́ pé ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà, àdírẹ́ẹ̀sì inú ilé tí ráútà ń pín ló tán. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti `192.168.8.100` dé `192.168.8.200`, ọgọ́rùn-ún ó lé kan ni, àwa ò lè lò ó tán láyé, mo kọjá.

Sọ́ńdè, alẹ́

Mo jókòó, mo bi ara mi léèrè ohun tí fílítà yìí tiẹ̀ ń ṣe fún wa gan-an. Ní tòótọ́, kò ṣe nǹkan púpọ̀. Páswọ́ọ̀dù WPA2 ń bo ọ̀rọ̀ tí a ń sọ lórí Wáífáì, ṣùgbọ́n kò bo MAC, ìta gbangba ni nọ́ńbà yẹn ń gbà kọjá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní irinṣẹ́ tó ń gbọ́ Wáífáì lè rí MAC fóònù mi láti òkè níbẹ̀, kó sọ tiẹ̀ di ìyẹn, tó bá ti ní páswọ́ọ̀dù, ó ti wọlé nìyẹn. Àwọn ọmọ òkè ò mọ̀ ọ́n ṣe, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo mọ̀ ọ́n, ọjọ́ méjì ni mo lò pẹ̀lú ìyá mi lórí ẹ̀, ta ni mo wá ń tì síta?

Ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́dún méjì sẹ́yìn ni mo ṣe. Mo pa fílítà pátápátá. Mo gbé `Max clients` lọ sí 16, ráútà wa lè gba tó 32 ṣùgbọ́n síìmù 4G kan ṣoṣo ni gbogbo wọn máa pín. Mo fi páswọ́ọ̀dù tuntun rọ́pò ti àtijọ́, lẹ́tà mọ́kàndínlógún, àkópọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bára mu tí Mọ̀mí lè rántí, kó má ṣe jẹ́ orúkọ ọmọ àti ọdún ìbí bíi ti tẹ́lẹ̀. Fóònù tuntun Mọ̀mí, mo dá a padà sí `Use randomized MAC` lórí méjèèjì, kò sí ohun tí ìyẹn bà jẹ́ mọ́. Àlejò tó bá dé, mo sọ fún àbúrò mi pé `Guest` tó wà nínú ráútà ni ká máa fún un, páswọ́ọ̀dù tiẹ̀ lọ́tọ̀, a lè yí ìyẹn padà nígbà tó bá wù wá láìfọwọ́ kan tilé.

Bí mo ṣe bẹ̀rù ẹ̀ náà ló rí, gbogbo nǹkan nílé já bọ́, mo ń tẹ páswọ́ọ̀dù kiri bí ẹni ń pín ìwé ìpè. Tẹlifísàn gan-an ló gba àkókò jù, torí rìmóòtù ni èèyàn máa fi mú lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo kọ ọjọ́, `192.168.8.1`, 16 àti "fílítà: pípa" sórí bébà pẹlẹbẹ kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ráútà.

Kámẹ́rà òkè géètì nìkan ni kò tíì padà wọlé. Ó fẹ́ kéèyàn tẹ bọ́tìnnì kan lára ẹ̀ kó tó gba páswọ́ọ̀dù tuntun, àkàbà wa sì wà lọ́wọ́ àwọn ará flátì òkè.